Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Fẹ́ Gba Ìdíje Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Wa

Mo ní àléébù kan tí gbogbo ilé mi mọ̀: bí mo bá fẹ́ rán ènìyàn níṣẹ́, n kì í mọ ibi tó yẹ kí n dákẹ́ sí. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe tíṣà, èmi náà sì ni akọ̀wé ìdíje bọ́ọ̀lù tí àwọn ìlú Òkè-Ògùn máa ń gbá lọ́dọọdún ní pápá ilé-ìwé wa. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló máa ń wá, láti Ṣakí, Tẹ̀dé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Adó-Àwáyè àti àwọn ìlú mìíràn, Sátidé àti Sọ́ńdè péré la sì fi ń gbá gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tí à ń sanwó fún. Àwọn tó ń fa ìlà, àwọn tó ń so àwọ̀n, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń pọn omi, gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti rán wọn létí kí ọjọ́ tó pé.

Lọ́dún tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi rán wọn létí gùn ju ìwàásù Jímọ́ọ̀ lọ. Mo kí wọn, mo kí ará ilé wọn, mo sọ ìtàn bí ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀, mo to òfin mẹ́rìnlá sílẹ̀, mo wá fi àdúrà tì í nídìí. Inú òfin kẹsàn-án ni mo kọ aago tí wọ́n máa dé sí. Kò pẹ́ tí èsì fi kún fóònù mi: "Àmín o." "Àmín láṣẹ Elédùmarè." Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti ṣe. Àṣé àdúrà nìkan ni wọ́n kà. Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án kọjá kí ẹni àkọ́kọ́ tó yọ sí pápá. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ di aago mẹ́wàá, èyí tó kẹ́yìn sì parí nínú òkùnkùn, iná ọ̀kadà la fi ń ríran. Gólì kan wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò rí àfi ẹni tó gbá a.

Ìgbìmọ̀ àwọn ìlú bínú, wọn ò sì jẹ̀bi. Wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá tún pẹ́ lọ́dún yìí, Ṣakí ni ìdíje náà ń lọ, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọjọ́ méjì yẹn ni mo máa ń rí àwọn tí mo kọ́ ní ìwé, tí wọ́n ti di ìyá àti bàbá ọmọ, tí wọ́n á máa sáré wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á máa kúnlẹ̀, ariwo á gba gbogbo àdúgbò. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni ọwọ́ mi fẹ́ bà á jẹ́.

Nígbà tí ti ọdún yìí ku ọ̀sẹ̀ kan, mo búra pé n ó kọ ọ́ ní kúkúrú. Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ń lo fóònù kékeré, kì í ṣe gbogbo wọn ló wà nínú gúrúùpù wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà mo pinnu pé àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni n ó fi ránṣẹ́. Mo tilẹ̀ yọ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀, nítorí bí a bá ti fi àmì sí i, fóònù á gé e sí méjì tàbí mẹ́ta. (Mo dá a padà síbí kí ẹ lè rí i kà.) Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, mo kọ ọ́ báyìí, mo sì fi kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn:

"Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ní pápá. Ẹni tó bá pẹ́, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní háà, èmi náà ti mọ̀wé kọ. Mo gbé e han Bàbá Alága wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní, "Ìyá Ìbejì, ó gún régé."

Èsì kankan ò wá. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, kò wá. Ọjọ́bọ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì nìkan ló kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Ní ọ̀sán, mo gba àdúgbò àwọn ahunṣọ òfì lọ, nítorí àwọn ló ń fa ìlà pápá wa. Iṣẹ́ wọn ni láti na òwú gígùn sílẹ̀ kó má wọ́ kó má ṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè na okùn sórí koríko bí tiwọn. Àgbà wọn kan wà tí mo máa ń pè ní Bàbá, tí òun náà máa ń pè mí ní ọmọ mi.

Lọ́jọ́ yẹn, kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ń hun aṣọ rẹ̀ lọ, kò sì gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni ó wí.

Mà! Èmi tó lè bí lọ́mọ! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. A ti rí ìwé ìpè yín. Ẹ ní ẹlòmíràn wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò wa. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà wá fa ìlà."

Àwọn ahunṣọ márùn-ún yòókù jókòó nídìí òfì wọn, wọ́n ń hun tiwọn lọ. Bí àwọn mẹ́fà yìí ò bá wá, kò ní sí ìlà. Bí kò bá sí ìlà, rẹfirí ò ní fun fèrè. Ìdíje ti dé Ṣakí nìyẹn.

Mo fẹ́ bínú, ẹ má bá mi sọ pé n kò fẹ́ bínú. Mo ní lọ́kàn mi pé: ẹ̀yin yìí, mo kọ ọ́ gùn, ẹ ò kà á; mo gé e kúrú, ẹ ní ó dùn yín. Ṣùgbọ́n mo tún un kà lójú wọn, mo sì rí i bí wọ́n ṣe rí i. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, tó fẹ́ fi òfì rẹ̀ sílẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, n kò kí i, n kò bẹ̀ ẹ́, mo kàn ń dẹ́rù bà á. Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìbẹ̀rù ọdún tó kọjá ló ń ṣe mí."

Ó wá dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ṣé o rí i, bí mo bá rán ènìyàn sí olówùú, mo máa ń ní kó kí i. N kì í ní kó máa kí i títí oòrùn á fi wọ̀. Bó bá ti kí i, kó sọ àwọ̀ òwú, kó sọ iye tí mo fẹ́, kó máa bọ̀."

"Ṣé ẹ ó wá, Bàbá?"

"Lọ kọ ọ́ ná. N ó kà á."

Mo sáré délé. Mo kọ́kọ́ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ tó Bàbá Alága létí, àwọn náà ní kí n tún un kọ, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣáà fi orúkọ àwọn tó ta wá lọ́rẹ sí i, àti òfin nípa ìdọ̀tí, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà Ṣakí lẹ tún ń tọ́ka sí yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. A gbà pé a ó lẹ àwọn òfin mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà pápá, níbi tí ẹni tó bá ti dé á ti rí i kà. Mo wá kọ ti oníkálukú lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń pọn omi má baà máa wá iṣẹ́ tirẹ̀ láàárín iṣẹ́ ẹni tó ń so àwọ̀n. Mo bẹ nọ́ọ̀sì nínú tirẹ̀, mo ní kò ṣẹ̀ mí rárá. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ òfì o, bàbá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fa ìlà pápá ní Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹfun ti wà nílẹ̀. Ṣé ẹ ó lè wá? Ẹ ṣeun."

Ìkíni kan, iṣẹ́ kan, aago kan, ìbéèrè kan. Ìbéèrè yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, torí Yorùbá kì í gbọ́ ìbéèrè kó dákẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, nọ́ọ̀sì ti ní, "Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, n ó sì mú ìpara bọ̀ fún yín." Àwọn tó ń pọn omi ní àwọn á ti wà níbẹ̀ kí n tó jí. Àwọn tó ń so àwọ̀n béèrè bóyá kí àwọn mú àkàsọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kà á.

Ṣùgbọ́n èsì Bàbá Ahunṣọ ò dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ mo tún fi ìrántí kúkúrú ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: "Ẹ kú ọ̀sán o. Ọ̀la náà ni, aago mẹ́fà ààbọ̀. À ń retí yín tayọ̀tayọ̀." Àwọn yòókù dáhùn. Òun, kò dáhùn. Mo gbé fóònù láti pè é, mo sì gbé e sílẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tún ń pè é, mo ti padà sí dídẹ́rù bà á nìyẹn.

Ní Sátidé, n kò jẹun kí n tó gun ọ̀kadà. Ìrì ṣì wà lórí koríko, aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì, mo wo inú pápá, mo sì ríran wò. Àwọn ahunṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti na okùn láti igun dé igun. Ìdajì pápá ti funfun báláú.

Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó nawọ́ ẹlẹ́fun rẹ̀ sí ìlà tó lọ tààrà dé ìdí òpó gólì. "Èsì wo lo tún fẹ́, ọmọ mi? Èsì rẹ nìyẹn."

Mo bá wọn gbé garawa ẹfun títí a fi parí.

Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, rẹfirí fun fèrè. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn ìlú, ọmọ Ṣakí ni, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń mi orí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ti bà wá lọ́kàn jẹ́. A ti ń ro pápá wa sílẹ̀ dè yín."

Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n gbin àgbàdo síbẹ̀.