Àwàdà Bàbá Susan Lórí Òògùn Àgbàdo

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ mi, Àjíṣafẹ́, àgbẹ̀ aláwàdà ará Erinje. Orí fóònù ni. Èmi wà ní Àyèká lọ́dọ̀ ọmọ wa, Susan.

"Ìyá Susan, mo ti ki hóró òògùn kòkòrò sáàárín àpò àgbàdo. Mo fi ọ̀rá àti téèpù dí ilẹ̀kùn yàrá àgbàdo pa. Kòkòrò á jó lónìí!"

"Àwọn adìyẹ ńkọ́?"

"Mo ti kó wọn jáde. Àkùkọ bú mi, mo bú u padà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Níbo lẹ máa sùn?"

"Yàrá wa ni! Ṣé kòkòrò ni mí?"

Mo tún kú sẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì rò pé ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ni òògùn ń gbà jáde. Ògiri ilé wa kò kan òrùlé, òrùlé kan náà ló bo yàrá wa àti yàrá àgbàdo. Lóru, òórùn òògùn gba òkè wọlé bá ọkọ mi. Wọ́n bì, àyà wọn há. Nígbà tí aládùúgbò fi gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àlàfo orí ògiri náà, a kò tíì dí i.