Bátìrì Tó Kún Lójú Mítà

Mo ti fi àtàǹpàkò mi méjèèjì ṣájì bátìrì tírélà rí. Ní Iléṣà ni. Mo fi ọ̀kan lé orí pupa, mo fi èkejì lé orí dúdú, mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ náà gbéra, kò sì kú títí ó fi dé Kánò. Dírẹ́bà rẹ̀ ní nígbà tí òun dé ọ̀hún, òun fẹ́ pa á, ọkọ̀ kọ̀, ó ní àfi kí wọ́n wá pe èmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó gbé bátìrì tirẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo jókòó kọ yìí kì í ṣe ti tírélà. Bí mo ṣe gbẹ̀san lára ọkùnrin kan ni, ẹni tó fẹ́ fi irọ́ lé mi kúrò lábẹ́ páànù tí mo ti ń ṣájì bátìrì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo.

Àbúrò mi ni lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà, mo sì ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí ó tó dé pẹ̀lú àpótí pákó rẹ̀. Ní báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó kọjú sí títì, ó ń ta bátìrì ìnfátà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Tó bá rí mi níta, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì wà níbẹ̀?” bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè lọ́wọ́ ògiri bóyá kò tíì wó.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun tó ń gbẹ̀bí nínú ilé kékeré kan. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ló ti ra bátìrì kan tí wọ́n kùn ní aláwọ̀ ewé, tó ń dán gbinrin, wọ́n ní tuntun ni. Òun ló fi ń tan gílóòbù yàrá ìbímọ, òun ló sì fi ń yí fáànù. Kò pé oṣù mẹ́rin, bátìrì ò lè gbé gílóòbù kan fún wákàtí kan mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ òjò kan tí ojú ọ̀run ṣú, iná lọ nígbà tí orí ọmọ ti yọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni obìnrin náà fi parí iṣẹ́. Ó gbé bátìrì náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi.

“Bàbá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó ń kún kíákíá, ó sì ń tán kíákíá.”

Mo ṣájì í fún un. Ó kún kíákíá lóòótọ́. Mo sọ fún un pé bátìrì yìí ti gbó, ó ní kò lè gbó, tuntun ni wọ́n tà fún òun. Ó gbé e padà lọ bá ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà bi í pé ta ló fọwọ́ kàn án. Ó dárúkọ mi. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé bàbá tó ń jó bátìrì yẹn? Ẹ gbé e fún un, ó sì ti bá yín sè é bí ẹ̀wà.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà ti dé Igbona. Àwọn ọlọ́kadà tí mo ń tọ́jú bátìrì wọn ń gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Alága ẹgbẹ́ àwa oníbátìrì ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n fi ẹjọ́ mi sùn: mo ń fi àṣejù ṣájì ba bátìrì oníbàárà jẹ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọn yóò gbọ́ ọ. Bí mo bá jẹ̀bi, kí n kó ẹrù mi kúrò lábẹ́ páànù.

Mi ò sọkún. Mo pọ́n eyín mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń jẹun bí ẹni tó ń jẹ eegun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú bátìrì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mú un. Mi ò parí ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n èyí yé mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná ni wọ́n dà sínú rẹ̀ bí ẹni da epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Pẹlẹbẹ òjé ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, àwọn kan rí bí eérú, gbogbo wọn sì rì sínú ásíìdì tí wọ́n fi omi là. Oríṣi pẹlẹbẹ méjèèjì fẹ́ bá ásíìdì náà dàpọ̀. Nígbà tí o bá so gílóòbù mọ́ ọn, o ṣí ọ̀nà fún wọn nìyẹn: ásíìdì á máa kúrò nínú omi, á máa lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ bí nǹkan funfun, ohun tó sì ń gba inú wáyà kọjá lákòókò náà la ń pè ní iná. Tí o bá ń ṣájì í, o ń fi tipátipá lé ásíìdì yẹn padà sínú omi ni.

Kì í padà tán. Tí bátìrì bá pẹ́ ní òfìfo, nǹkan funfun yẹn á le bí iyọ̀ tó dì, ibi tó bá ti dì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá kún tó sì tán, èyí tó pupa lára pẹlẹbẹ náà á máa rọ̀, á máa jábọ́ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, irin òjé tó gbé e dúró á sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gbó nìyẹn. Ó dà bí ìkòkò omi tí iyanrìn ń kún láti ìsàlẹ̀. Bí o bá wo ẹnu ìkòkò, omi kún. Ìgbà tí o bá bù ú ni wàá mọ̀. Mítà tí a fi ń wọn agbára iná rẹ̀, ẹnu ìkòkò ló ń wò.

Ọgbọ́n burúkú kan sì wà nínú iṣẹ́ wa. O lè mú bátìrì tó ti gbó, kí o da omi inú rẹ̀ nù, kí o rọ ásíìdì tó le ju bó ṣe yẹ sí i, kí o kùn ún ní ọ̀dà. Ojú mítà á gbé e ga ju tuntun lọ. Yóò tají fún oṣù bíi mélòó kan, ásíìdì líle yẹn á sì máa jẹ ìyókù pẹlẹbẹ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àwa bíi ogún la jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Alága. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà wọ jálàbíà funfun, ó gbé mítà tuntun dání, ó fi kan bátìrì nọ́ọ̀sì.

“Fóòtì mẹ́tàlá,” ó ní. “Ẹ rí i pé ara bátìrì yìí le látilẹ̀. Sísè ni bàbá sè é.”

Mo mú gíláàsì tí a fi ń wọn ásíìdì, mo fi fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan máa ń léfòó nínú gíláàsì yẹn. Bí ásíìdì bá ti le tó ló ṣe ń gòkè tó. Ó gòkè kọjá gbogbo àmì tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i lára.

“Ẹ wò ó,” mo ní. “Ta ló rọ èyí?”

“Ṣebí ẹ̀yin náà ni,” ó dáhùn. “Ẹ sè é títí omi fi gbẹ, ásíìdì nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ orí ti ń dé.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága alára gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ibi tí mo fẹ́ kó dé gan-an ló dé yẹn.

“Ó dára,” mo ní. “Alága, ẹ bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ mú irú èyí kan wá, aláwọ̀ ewé, èyí tó wù yín. Èmi ò fọwọ́ kan ìyẹn rí. Ẹ jẹ́ kó bá bátìrì mi jà.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọjà títà ni, àwọn kì í ṣí ọjà títà. Alága ní, “Ìwọ lo pe ẹjọ́. Lọ ṣí ilẹ̀kùn.”

Wọ́n gbé e dé. Mo gbé tèmi síwájú, bátìrì lọ́rì tí gbogbo ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí mo fi ń dán nǹkan wò lójoojúmọ́. Mi ò jẹ́ kó sùn ní òfìfo rí, omi bátìrì nìkan ni mo sì ń bù kún un, kì í ṣe omi kànga. Mítà sọ pé tirẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, tèmi jẹ́ méjìlá àbọ̀. Ó na mítà sí wọn lójú. Mo ní kó na án dáadáa.

Mo so gílóòbù iwájú mọ́tò méjì-méjì mọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ tàn. A jókòó. Wọ́n ra ẹ̀pà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, tirẹ̀ pọ́n bí ẹyinjú ẹni tí kò sùn. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ wáyà.

“Ọmọ òṣómàáló,” mo ní, “wáyà ò ṣe nǹkan kan. Lóṣòó dáadáa, má fi jálàbíà kan ásíìdì.”

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bó ṣe ṣe mí nìyí nígbà tí orí ọmọ yọ.”

Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí, gílóòbù tirẹ̀ ti di wáyà pupa tín-ín-rín, ó kú. Tèmi ṣì ń tàn. Mo fi sílẹ̀ kó máa tàn. Mo fẹ́ kó máa wò ó. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú ekuru pẹ̀lú jálàbíà rẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi,” mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má baà kàn mí. Alága pàṣẹ kó fún nọ́ọ̀sì ní tuntun gidi, kí gbogbo bátìrì aláwọ̀ ewé sì jáde sójú títì níwájú gbogbo oníbàárà. Ó tó ọjọ́ méjì tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mi ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kò pẹ́, ó kó lọ sí Iléṣà.

Àtàǹpàkò àti tírélà, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni. Kò dọ̀bálẹ̀, kò bẹ̀ mí, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó dìde lóòró, ó gbọn jálàbíà rẹ̀, ó sì wò mí pẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo jókòó, mo ń retí kó la ẹnu, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rọ ásíìdì líle sínú bátìrì tó ti gbó, lẹ́yìn ilé ọ̀gá wa ní Iléṣà, nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ká ní ó sọ ọ́ ni, àwa méjèèjì ni à bá jọ kó ẹrù. Kò sọ ọ́.