Àjẹ̀ Ló Kọ́ Lùkúmàn Ní Kéú

Bí ẹ bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ méjì sọ irú ènìyàn tí Lùkúmàn jẹ́, n ó ní ohùn dídùn àti orí kunkun. Atukọ̀ ni. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, òun ló sì ń pe ohùn tí àwọn márùn-ún yòókù fi ń ti àjẹ̀ wọn bomi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń kó láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, wọ́n á sì tún kó òmíràn bọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó sá kúrò l'Ékòó lọ́dún tí ogun jà níbẹ̀. Ọdún kẹjọ ti kọjá lórí ìyẹn, síbẹ̀ “ibi tí a wọ̀ sí” ni ìyá rẹ̀ ṣì ń pe Ẹ̀pẹ́.

Àpínkẹ́ ni Lùkúmàn fẹ́ fẹ́, Àpínkẹ́ náà sì fẹ́ ẹ. Baba Àpínkẹ́ nìkan ló kù. Baba Tìrìmísíyù ni wọ́n ń pè é, àgbà láàárín àwọn ará Èkó tó wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá nídìí. Ní agboolé tiwọn, wọn kì í so yìgì fún ọkùnrin tí kò bá tíì ṣe wòlímọ̀. Yóò jókòó láàárín àwọn àáfà, yóò ka kéú rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, àáfà tó ń gbọ́ ọ á fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Bí ọ̀pá bá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á gba wàláà, pákó kéú rẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀, á sì padà sílé di ọdún mìíràn. Baba Tìrìmísíyù sì ti sọ ọ́ kedere pé òun kò ní dúró de ọdún mìíràn. Bàdírù ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, tó ti ṣe wòlímọ̀ tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ti ń rán ènìyàn wá tọrọ Àpínkẹ́.

Lùkúmàn kò bẹ̀rù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ti àwọn tí ohùn wọn dùn ṣe máa ń rí. Àáfà Súbérù tó ń kọ́ ọ ti darúgbó, etí rẹ̀ sì ti di, nítorí náà inú ọkọ̀ ni Lùkúmàn ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù. Á kọ ẹsẹ̀ tuntun sórí wàláà, á fi orúnkún méjèèjì há a, á sì máa kà á bí àjẹ̀ ṣe ń bomi. Ègé ọ̀rọ̀ kan, àjẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ fún ọdún mẹ́rin. Àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ìró rẹ̀ dé ibi pé wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú sórí itan nígbà tí wọ́n bá wà lórí ilẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wòlímọ̀ pé ni Àáfà Múdàṣírù dé láti Ìlọrin. Baba Tìrìmísíyù ló pè é pé kó wá jókòó sípò Àáfà Súbérù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rù omi ń bà á, láti ìgbà tó sì ti gúnlẹ̀ ni kò ti fẹ́ wo ọ̀sà mọ́. Ó ní kí Lùkúmàn ka díẹ̀ fún òun. Lùkúmàn la ẹnu, kéú sì ń ṣàn. Àáfà dorí kodò títí ó fi parí.

Ó ní, “Ó dùn. Ta ló kọ́ ọ?”

Lùkúmàn sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ti ọkọ̀ àti ti àjẹ̀. Àáfà mi orí. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, nítorí kéú yìí ń rìn bí ẹni tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, kéú kì í sì í rìn bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òní bá jẹ́ ọjọ́ wòlímọ̀, ọ̀pá òun ì bá ti kanlẹ̀ ní ogún ìgbà.

Lùkúmàn kọ́kọ́ bínú. Ó bi Àáfà pé ọ̀rọ̀ wo lòun fò, kò sì sí èyí tó fò. Àáfà ní òótọ́ ni, kò fo nǹkan kan, àfikún ló ń ṣe. Ó fi ìka ya ilẹ̀.

“Wò ó, ègé ọ̀rọ̀ dà bí yàrá. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé, ó ní inú, níbi tí ohùn ń gbé. Nínú ‘bàtà,’ ‘b’ ni ẹnu ọ̀nà, ‘à’ ni inú. ‘T’ tún jẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Òmíràn kò tilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bí ‘a’ tó ṣáájú nínú ‘ata.’ Ṣùgbọ́n l'ẹ́nu àwa Yorùbá, kò sí èyí tó ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí ohùn bá ti dún, yàrá parí. Ti Lárúbáwá lè ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì lẹ́yìn ohùn. Ìwọ ò ti ìlẹ̀kùn yẹn. Yàrá mìíràn lo ń kọ́ síwájú rẹ̀.”

Lùkúmàn ní ó yé òun díẹ̀. Àáfà ní kó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó pè é: Lù-kú-màn, mẹ́ta. Àáfà ní méjì péré ni l'ẹ́nu àwọn tó ni ín: Luq, mān. Ahọ́n á ti ‘q’ mọ́ ẹ̀yìn ‘u,’ kò sì ní sí ohùn kankan kó tó bọ́ sí ‘m.’ “Bísímílà” tí ọmọdé ń pè kó tó jẹun, mẹ́rin ni l'ẹ́nu wa. Mẹ́ta ni lọ́hùn-ún: Bis, mil, lāh. Lùkúmàn bi í pé Bàdírù ńkọ́. Àáfà ní ẹyọ kan ṣoṣo, Badr, lẹ́tà méjì ló sì dì mọ́ ìdí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ Lùkúmàn lọ́jọ́ náà, pé ọ̀tá òun kò ju ẹyọ kan lọ.

Ó wá rí ibi tó ti ṣìnà. Àjẹ̀ ni. Àjẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, gbogbo ìgbà tó bá bomi ló ń fẹ́ ohùn. Bí ó bá ti kan ègé tó ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, lẹ́tà ìdí rẹ̀ kò ní ohùn tí àjẹ̀ kejì lè gùn, Lùkúmàn á sì bá a wá ‘ì’ tàbí ‘ù’ kan, kí ọwọ́ má baà ṣòfo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gbogbo kéú tó wà lórí rẹ̀ ti di ti ọlọ́kọ̀. Ẹ̀rù wá bà á gidi.

Ọjọ́ méjì ló fi gbìyànjú lórí ẹní níwájú Àáfà. Bó bá kà á lọ́ra, ó ń rí i tì. Bó bá ti yára, ‘ì’ àti ‘ù’ á padà wá jókòó sí àyè wọn. Àáfà kì í bínú, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀, kò, kò, kò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Lùkúmàn lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn gbẹ́, ẹnu Yorùbá ni Ọlọ́run fún òun. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ẹnu Bàdírù yàtọ̀ ni. Lùkúmàn dìde níbẹ̀, kò jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó jókòó sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ èèkàn létí omi, ó mú àjẹ̀, ó sì ń kà. Àáfà dúró sórí ilẹ̀ níbi tó jìnnà sómi. Ègé tí kò ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ohùn rẹ̀ kúrú, Lùkúmàn fún un ní àjẹ̀ kan tó yára. Bó ṣe kan èyí tó ní ìlẹ̀kùn, ó ti àjẹ̀ bomi, ó sì dì í mú sínú omi, kò fà á jáde. Ẹnu rẹ̀ pa dé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un ṣe. Lẹ́tà náà dúró sí ìdí ohùn, kò bí ọmọ. Ègé tí ohùn rẹ̀ gùn, ó fa àjẹ̀ rẹ̀ gùn. Àáfà sún mọ́ omi láìmọ̀.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ní ìlẹ̀kùn àti èyí tó gùn, ọ̀kan náà ni ìwọ̀n wọn. Èyí tó kúrú ni ìdajì. Ibi tí ìrìn rẹ̀ ti ń wá nìyẹn.”

Ọjọ́ méjì tó kù, Lùkúmàn kò kúrò nínú ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ohùn rẹ̀ há. Kò mọ̀ bóyá ó ti tó.

Òwúrọ̀ Àlàmísì ni wòlímọ̀. Àgbàlá Baba Tìrìmísíyù kún. Bàdírù wà níbẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ojú rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan. Àwọn atukọ̀ máràárùn-ún jókòó ti Lùkúmàn lẹ́yìn, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lùkúmàn bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kìíní, ó tì í. Ìkejì, ó tì í. Ọ̀pá Àáfà Múdàṣírù kò mira. Ó ti kà dé ìdajì nígbà tí ìró kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ni. Ayọ̀ ti gbé wọn, wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan bí àjẹ̀ ṣe ń bomi, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, pá, pá, pá, pá. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló fẹ́ pa á yìí. Lùkúmàn gbọ́ ‘ù’ kan tó bọ́ lẹ́nu òun. Ọ̀pá kanlẹ̀. Ó tún un kà, itan kò dákẹ́, ‘ì’ mìíràn bọ́. Ọ̀pá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Baba Tìrìmísíyù gbé ojú sókè wo Bàdírù. Lẹ́yìn fèrèsé, Àpínkẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Bí Lùkúmàn bá ní kí wọ́n dákẹ́, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe kéú láàárín kéú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó sì dì í lójijì. Àmì tó fi ń sọ fún wọn lórí omi nìyẹn pé kí gbogbo àjẹ̀ dúró. Ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúró sójú kan. Àgbàlá pa rọ́rọ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Lùkúmàn ti ka ìyókù, ó ń ti ìlẹ̀kùn, ó ń fa èyí tó gùn, ó ń jẹ́ kí èyí tó kúrú kọjá, títí ó fi parí. Ọ̀pá kò kanlẹ̀ mọ́.

Àáfà Múdàṣírù ní kò sí ibi tí òun tún lè dá a dúró. Àwọn ènìyàn ń ṣe “àmín.” Baba Tìrìmísíyù dìde. Ó pe Lùkúmàn wọ inú yàrá, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ó ní,

“Bí o ṣe kà á lónìí, kò jọ bí èmi ṣe ń kà á. Ṣé bí mo ṣe ń kà á láti ọjọ́ yìí, kò dára ni?”

Bí Lùkúmàn bá purọ́, kéú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà di asán. Bó bá sọ òótọ́, ta ni yóò fi ọmọ fún ẹni tó tú u fó? Ó dọ̀bálẹ̀.

“Baba, ẹ má bínú. Ẹ̀ ń fi kún un, bí èmi náà ti ń ṣe títí di ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn.”

Baba jókòó sórí àpótí. Ó ní, “Ìyá mi ló kọ́ mi. Ọlọ́run ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti àádọ́ta ọdún, kò sì dá mi dúró rí. Èmi ò lè yí ohùn ìyá mi padà mọ́.” Ó gbé Lùkúmàn dìde. “Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o kọ́ àwọn ọmọ tí Àpínkẹ́ bá bí fún ọ.”