Nígbà Tí 3.80 Mi Dé Jámánì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ àwọn kọ̀ntéínà tó ń mú ẹja tutù ṣe ní àgbàlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool Road ní Apapa, kí ilé iṣẹ́ kan ní èbúté Jámánì tó kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn oníná ibẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, ó ṣáà ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Èdè Jámánì ni wọ́n ní kí n fi kọ CV mi. Mo ti ń kọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ kò tíì tó ìyẹn, ni mo bá gbé e lọ fún ọkùnrin kan tó ní ibi ìtẹ̀wé ní Boundary. Fóònù ló fi túmọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé 3.80 ni mo gbà jáde ní yunifásítì, pé Second Class Upper ni. Kò rí ọ̀rọ̀ tó lè fi rọ́pò Second Class Upper, ó yọ ọ́ kúrò, ó fi 3.80 sílẹ̀ lásán. Ó tẹ ìwé náà dáadáa. Ó wù mí lójú.

Lọ́jọ́ tí a máa sọ̀rọ̀, mo tọrọ ọ́fíìsì ọ̀gá mi nítorí ariwo tírélà ìta. Obìnrin tí mo rí lórí fídíò kò lejú, Gẹ̀ẹ́sì ló sì bá mi sọ. Ó bi mí nípa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó bi mí nípa gáàsì, mo ń dá a lóhùn, ó ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló wo ìwé iwájú rẹ̀.

"Ẹ mọ iṣẹ́ yín. Kí ló wá dé tí èsì yunifásítì yín fi kéré tó báyìí?"

Mo rò pé ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń fún wa níbí nìyẹn." Ó ní kò burú. Kò pẹ́ tó fi dágbére.

Síbẹ̀ mo ní ìrètí. Mo kó ìwé ẹ̀rí mi lọ sọ́dọ̀ màmá àgbàlagbà kan ní Apapa, ẹni tó kàwé ní Jámánì, tó sì ń fi títúmọ̀ ìwé jẹun, kó bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì. CV yẹn ló kọ́kọ́ kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Nínú A1 àti C6, èwo ló dára jù ní wáẹ̀kì?"

"A1 ni, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ní yunifásítì tiwọn. 1 ló ga jù. Ẹni tó gba 4 ló yege kẹ́yìn, ẹni tó bá ju ìyẹn lọ ti fìdí rẹmi. Ẹni tó fi agbára káká yege ni wọ́n pè ọ́."

Ó mú bírò, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ lọ́hùn-ún nìyí. Ó yọ 3.80 mi kúrò nínú 5.00 tó ga jù nílé ẹ̀kọ́ wa, ó ku 1.20. Ó yọ 1.00, èyí tó kéré jù tí a fi ń yege nílé ẹ̀kọ́ wa, kúrò nínú 5.00 yẹn kan náà, ó ku 4. Ó fi 4 pín 1.20, ó sọ èyí tó rí di ìlọ́po mẹ́ta, ó fi 1 kún un. 1.9 ló jẹ́.

"Èsì tó dára nìyí lọ́dọ̀ wọn," ó ní.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ 1.9 sínú ìtumọ̀ ìwé ẹ̀rí náà."

"Rárá o. Ohun tí ìwé bá sọ ni èmi ń sọ. 3.80 nínú 5.00 ni màá kọ, màá fi Second Class Upper síbẹ̀ bó ṣe wà, màá wá ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé 5.00 ló ga jù àti pé First Class nìkan ló wà lókè tìrẹ. Inú CV rẹ ni kí o kọ 1.9 sí, kí o sì sọ pé ìwọ lo ṣírò rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò lọ́hùn-ún ló máa sọ tiwọn."

Mo kọ àlàyé gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin orí fídíò yẹn kí n tó kúrò ládùúgbò náà. Ó dá mi lóhùn. Ó ní ó ti yé òun báyìí, pé ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Mo bi í bóyá òmíràn wà. Kò fèsì mọ́.

Láti ìgbà náà, mo ti fi ìwé tó tọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Mo ṣàlàyé fún màmá mi bí nọ́ńbà ṣe yí padà. Ó gbọ́ mi títí.

"Ṣé wọn ò lè bi ọ́ léèrè ni?"

"Wọ́n bi mí, màmi. Èmi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi."

Ó wọ yàrá lọ. Èmi náà pa iná, mo sì jókòó síbẹ̀.