Ìlà Kan Nínú Ìkéde Bọ́lárìnwá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ́lárìnwá kọ ìkéde náà kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àkọ́kọ́ le jù, ó dà bí ìwé àwọn agbowó-orí. Èkejì kún fún ẹ̀bẹ̀ débi pé ẹni tó bá kà á á rò pé ó ti ṣẹ ẹnì kan. Ẹ̀kẹta ló wá rọ̀ dáadáa. Ó fi máákà aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ sórí páálí funfun, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí ńlá inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ojú oníbàárà kò ti lè yẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a kí yín, a sì dúpẹ́ ìfẹ́ yín. Nítorí epo bẹntiróòlù àti kílípà tó ti gbówó lórí, láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ẹgbẹ̀rin náírà ni a ó máa gẹ irun àgbà dípò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ti àwọn ọmọdé kò yí padà. Àwọn bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì náà, iye àtijọ́ ni kí wọ́n máa san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run á bùkún àpò gbogbo wa. Èmi ni tiyín, Bọ́lárìnwá.”

Ìlà àwọn bàbá yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Bàbá kan pàtó ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́: Àyàntúndé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tí Bọ́lárìnwá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Olúpọ̀nnà dé Ìwó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń pa eṣinṣin, Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ wọlé, tó ṣí fìlà, tó ní, “Ó yá, orí mi rèé.” Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ní ọjọ́ Sátidé, ló ń wá, kì í yẹ̀. Òun ló sì kó àwọn díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá lẹ́yìn ara rẹ̀, tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìkéde náà yọ obì lóòótọ́. Àwọn kan kùn díẹ̀, wọ́n bú ìjọba, wọ́n sì san ẹgbẹ̀rin wọn. Àfi ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, tí Bàbá Tíṣà wọlé.

Ó jókòó, Bọ́lárìnwá sì da aṣọ bò ó lọ́rùn. Olúwagbénga, wẹ́dà kan tó ń dúró de ti ẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde náà sókè. Nígbà tó kà á tán, ó pàtẹ́wọ́. “Bàbá Tíṣà, tiyín mà ti rọrùn o! Ẹ̀yin àtàwọn ọmọdé lẹ jọ wà nínú ẹ̀dínwó.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bọ́lárìnwá náà rẹ́rìn-ín, ohun tó ń dùn ún títí dòní nìyẹn. Nígbà tí Bọ́lárìnwá nu ọrùn Bàbá Tíṣà tán, bàbá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sórí tábìlì, ó gba igba náírà ṣẹ́ńjì, kò gba ọgọ́rùn-ún tí Bọ́lárìnwá tún nà sí i, ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, ó sì bọ́ síta.

Sátidé tó yẹ kó padà wá pé, kò wá. Òmíràn tún pé, kò wá. Méjì nínú àwọn díákónì náà kò yọjú mọ́. Bọ́lárìnwá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Bí Bàbá Tíṣà bá lọ, a jẹ́ pé àwọn tó mú wá ń bọ̀ wá tẹ̀lé e nìyẹn. Yàtọ̀ sí ti owó, ojú bàbá náà ń wù ú rí.

Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta gàárì ní ọjà Odò-Orí, ló là á lójú. “Ṣé o ò mọ ohun tó o ṣe ni? O kọ ọ́ sára ògiri pé Bàbá Tíṣà ò lówó lọ́wọ́.”

“Èmi? Àánú ni mo ṣe wọ́n!”

“Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tó o bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún àgbàlagbà, ìgbà tí wọ́n bá ń san án lò ń rọra dá a padà sí wọn lọ́wọ́. Ta ló ń fi páálí ṣàánú?”

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tú ní Sọ́ńdè, Bọ́lárìnwá mú kílípà oníbátìrì, ó ká páálí náà mọ́ abíyá, ó sì gba ilé Bàbá Tíṣà lọ. Àjíkẹ́, ìyàwó bàbá, ló ṣílẹ̀kùn. Bàbá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, irun funfun ti hù bo etí rẹ̀ méjèèjì. Bọ́lárìnwá ti ń rò ó pé ó ti bá onígbàjámọ̀ mìíràn lọ ni. Kò lọ ibì kankan.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni.”

“O mọ̀ ọ́n kọ,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀, mo wò ó. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni, Bọ́lárìnwá. Mi ò jẹ onígbàjámọ̀ kankan ní kọ́bọ̀ rí. Tó o bá fẹ́ ṣàánú mi, o ṣáà mọ ilé mi. Kí ló dé tó jẹ́ lójú Gbénga?”

Bọ́lárìnwá kò dìde. Ó na páálí sí i. Bàbá Tíṣà yọ báírò lápò, ó fa ìlà kan gbọọrọ la ọ̀rọ̀ àwọn bàbá náà láàárín, ó dá páálí padà, ó sì ní kí Àjíkẹ́ gbé àga wá.

Bọ́lárìnwá gẹ irun náà fínnífínní, ó fi sipíríìtì nù ún, ó gbọn ara aṣọ. Bàbá Tíṣà wọlé lọ mú owó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ti ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó jáde, àádọ́ta náírà tó ti gbó ló pọ̀ jù nínú owó tó kó dání, ẹgbẹ̀rin náà sì pé géérégé. Bọ́lárìnwá fẹ́ ní kó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Owó á máa wọlé.”

Bàbá Tíṣà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn díákónì náà ti padà. Olúwagbénga tọrọ àforíjì, wọ́n sì jọ ń ṣàwàdà. Ẹgbẹ̀rin náírà ni bàbá ń san, kì í jẹ́ kó dín ní kọ́bọ̀, kò sì sẹ́ni tó dábàá ẹ̀dínwó fún un mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá báyìí.