Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá: Àṣìtúmọ̀ Tí Mo Ṣe fún Àbúrò Mi

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, kí ẹni tó ń jẹun gbé àwo rẹ̀ dání wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi etí kan gbọ́ ọ, irú àṣìṣe tí mo ṣe ni òun náà máa ṣe.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, aránṣọ ni ní àdúgbò Houinmè. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, nítorí ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Èmi ti fẹ̀yìn tì nídìí aṣọ títà ní tèmi, wọ́n sì máa ń pè mí sí ilé ìwòsàn àdúgbò wa kí n wá ṣe ògbufọ̀. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀, èdè Faransé àti èdè Gun ló gbọ́. Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, kò kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ jókòó" lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n kéde pé kí àwọn obìnrin wá ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, kódà ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ọtí kíkan tí wọ́n bomi là ni wọ́n ń fi owú tọ́ síbẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá funfun, wọ́n á ní "pọ́sítíìfù", ìyẹn ni pé àyẹ̀wò mú un. Èmi fúnra mi ni mo fa àbúrò mi lọ. Ojú ibẹ̀ funfun.

Agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kọ ìwé kan pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n fi awò wò ó dáadáa, kí wọ́n sì gé ẹran bíńtín yẹ̀ wò bó bá yẹ. Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní, "Àwọn tí àyẹ̀wò yìí bá mú, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní in." Ó wò mí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sí etí ìró rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ wà nílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti lọ́kọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó ń sunkún.

"Kí lo ń ṣe yìí?"

"Mò ń pín ẹrù mi, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ má baà jà nígbà tí mi ò bá sí."

"Ìwé tí wọ́n fún ọ dà?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní in. Ẹni kan tó ṣẹ́ kù yẹn, ṣé èmi ni? Èmi tí mi ò jẹ tẹ́tẹ́ rí?"

Ọmọ rẹ̀ ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n ìyá náà ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gé ẹran lára òun nítorí ohun tí òun ti mọ̀. Ó fẹ́ lọ sí abúlé wa ní Avrankou, sí ìdí igi ọ̀pẹ baba wa, kó lọ máa dúró de ọjọ́.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá kírun tán, ẹnu mi á máa tún gbólóhùn yẹn pè. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mẹ́wàá wo? Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí lọ.

Ó bi mí pé, "Màmá, kí lẹ sọ fún un gan-an?"

Mo tún un sọ ní Faransé bí mo ṣe sọ ọ́ ní Nàgó. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ohun tí mo sọ ni pé, nínú ẹni mẹ́wàá *tó ní àrùn*, àyẹ̀wò á mú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin sọ pé nínú mẹ́wàá *tí àyẹ̀wò mú*, mẹ́sàn-án ló ní àrùn. Màmá, ẹ ti dorí rẹ̀ kodò! Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì a wọ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi rí wa, ó rẹ́rìn-ín gbẹ: "Ẹ̀gbọ́n mi ògbufọ̀, èwo lẹ tún gbé dé?"

Agbẹ̀bí ní kó gbé agolo bọ́tìnnì rẹ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo ń túmọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Iye tí mo fẹ́ pè yìí, àpẹẹrẹ ni. Ká sọ pé ẹgbẹ̀rún obìnrin wá. Mẹ́wàá nínú wọn ló ní àrùn ní tòótọ́. Àyẹ̀wò mú mẹ́sàn-án, ọ̀kan bọ́." Ó ṣa bọ́tìnnì dúdú mẹ́sàn-án sórí tábìlì. "Àwọn tó kù, ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́wàá, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Nínú mẹ́wàá irú wọn, àyẹ̀wò á fi mẹ́sàn-án sílẹ̀, á sì ṣèèṣì mú ọ̀kan, nítorí pé egbò lásán náà lè sọ ibẹ̀ di funfun. Ẹni mélòó ló ṣèèṣì mú?"

Àbúrò mi, tó máa ń ṣírò aṣọ lórí, dáhùn kí n tó túmọ̀ tán: "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Kà á sílẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ bá a ka funfun mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Dúdú mẹ́sàn-án rì sínú wọn bí èèpẹ̀ sínú ìrẹsì.

"Gbogbo àwọn tí a wí fún pé 'pọ́sítíìfù' nìyí, méjìdínláàádọ́fà. Ìwọ wà nínú wọn. Mẹ́sàn-án ló dúdú. Tí o bá pín in, ẹnì kan nínú méjìlá ni."

Àbúrò mi bi í pé, "Àwọn tí ẹ ní kí wọ́n máa lọ ilé ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó dín mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tó bọ́ ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí àwọn náà padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí àrùn ti pọ̀ ni a ti yẹ̀ ẹ́ wò, dúdú ì bá pọ̀ níbí. Àyẹ̀wò kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀."

Àbúrò mi ti ọwọ́ bọ àárín bọ́tìnnì, ó dijú, ó mú ọ̀kan. Funfun. Ó jù ú sílẹ̀. "Ẹnì kan nínú méjìlá kì í ṣe òfo."

Agbẹ̀bí ní, "Mi ò ní kó o fọkàn balẹ̀. Mo ní kó o lọ. Awò àti ẹran tí wọ́n bá gé ni yóò sọ bóyá dúdú ni tàbí funfun."

Mo túmọ̀ rẹ̀, mi ò gbé ọ̀rọ̀ kan mì. Àbúrò mi kọjú sí mi: "Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀lé mi lọ o. Ẹ̀yin lẹ pa mí, kí ẹ wá jí mi."

A lọ. Wọ́n fi awò wò ó, wọ́n gé ẹran bíńtín, wọ́n ní ká padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ò mọ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe máa ń gùn. Kò rán aṣọ kankan. Bí ẹnu ọ̀nà bá dún, a jọ máa ń fò sókè. Lọ́jọ́ èsì, dókítà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè: kò sí jẹjẹrẹ, kò sí ohun tó fẹ́ di í. Egbò lásán ni, ó sì kọ oògùn fún un. Àbúrò mi kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi délé.

Ṣùgbọ́n ó ti pín ẹrù, ó ti ṣàdúà lé e lórí lójú ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ní ilé wa, a kì í gba irú rẹ̀ padà. Ọmọ rẹ̀ ló gba máṣíìnì, ó gbé e lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Djègan-Kpèvi, àbúrò mi sì ra àlòkù mìíràn. Igi ọ̀pẹ Avrankou, ìpín tirẹ̀ nínú ogún baba wa, di ti ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n wa. Àpótí aṣọ rẹ̀ méjì lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọkùnrin náà. Èmi tí mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò ńlá ló fún mi, òun náà ló sì ń wá yá a lọ́wọ́ mi bí àlejò bá pọ̀.