Jẹjẹrẹ Tí Wọ́n Ń Ṣọ́

Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ní kí n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bí mo ṣe máa ń ṣe. Nǹkan kan ò ṣe mí. Àṣé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Nígbà tí ọsibítù tún un yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tó máa ń rọra rìn, àti pé àwọn ò ní fún mi lóògùn báyìí, àwọn á máa ṣọ́ ọ.

Ìyàwó mi fárígá. "Kí wọ́n máa wo jẹjẹrẹ níran? Dádì, ẹ ò ní gbà o."

Dókítà ọsibítù ṣàlàyé fún un pé bí ẹni tí ara ẹ̀ le bá tètè lo oògùn náà, kò ní fi kún ẹ̀mí ẹ̀, ìyà oògùn lásán ló máa jẹ. Tí mo bá ń rù, tí òógùn ń bò mí lóru, tí kókó ń wú lọ́rùn mi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ mi ń dín kù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ṣì ń kùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá a ń lọ sílé. Mo ní, "Wíwò níran kọ́, ṣíṣọ́ ni. Sìkíọ́rítì ni mí. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì jí nǹkan, mi ò lè gbá a mú. Ṣé o wá rò pé mò ń sùn ni?"